Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ìsọ̀ Mẹ́rìnlá Tí Wọ́n Tì Pa àti Apaná Oníomi Tí Wọ́n Fi Dandan Tà fún Wa

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
Nípasẹ̀ Akọ̀wé Ìjọba Ìbílẹ̀.

Alàgbà wa ọ̀wọ́n,

Àwa olóyè àti ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń din àkàrà, dùńdú àti pọ́fùpọ́fù nínú ọjà ńlá kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò sí ilé-ìwé tàbí gáréèjì kankan nílùú yìí, títí kan ọ́fíìsì tiyín gan-an, tí kì í ti ọwọ́ wa jẹun òwúrọ̀, a kò sì jẹ gbèsè owó ìsọ̀ rí.

Ohun tó gbé wa wá síwájú yín ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ní oṣù méjì ṣáájú, àwọn òṣìṣẹ́ yín pàṣẹ pé kí olúkúlùkù wa ra apaná oníomi kan lọ́wọ́ ẹni tí àwọn fúnra wọn mú wá, a sì rà á láìjanpata. Lọ́jọ́ náà, òróró inú agbada ọ̀kan nínú wa gbóná jù, ó ń rú èéfín, ó sì gbiná. Ìyá náà ti pa gáàsì, ó ti ń nawọ́ sí ìdérí irin, nígbà tí òṣìṣẹ́ yín kan tó wá gba owó já apaná gbé, tó sì tú omi sínú agbada. Iná fò dé páànù òrùlé, òróró tó ń jó fọ́n sí ìsọ̀ mẹ́ta, ó sì bó ìyá náà lápá méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti ìsọ̀ mẹ́rìnlá pa, wọ́n ní àìbìkítà wa ló fà á. Alàgbà wa, ọ̀rọ̀ yìí dùn wá dé egungun.

Pẹ̀lú ìtẹríba, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ta apaná fún oníàkàrà ti mọ̀. Orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni iná dúró lé bí ìkòkò lórí ààrò: ooru, ohun tó ń jó, àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Bí a bá yọ ọ̀kan, iná kú. Ooru ni omi ń yọ, ìdí nìyẹn tó fi dára fún igi, èédú, páálí àti aṣọ. Ṣùgbọ́n òróró tó bá gbiná fúnra rẹ̀ ti gbóná kọjá 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ 100 ni omi ń hó. Omi wúwo ju òróró lọ, nítorí náà ó rì sísàlẹ̀, ó di ooru omi lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì wú tó bí ìlọ́po 1,700. Òun ló gbọn òróró sókè ní ẹ̀kán kéékèèké sínú afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ́síjìn. Omi náà ló sọ iná agbada kan di iná òrùlé.

Ìdérí tí ìyá náà ń nawọ́ sí ì bá ti gba ọ́síjìn lọ́wọ́ iná náà, bí a kò bá ṣáà ṣí i kí òróró tó tutù. Apaná oníyẹ̀fun lè pa ọwọ́ iná, ṣùgbọ́n kò tu òróró lára, iná sì lè padà dìde. Agbára tí ó fi ń tú jáde tilẹ̀ lè ti òróró dànù. Èyí tí wọ́n ṣe fún agbada ni apaná oníkẹ́míkà olómi, tó sábà máa ń ní àmì yẹ́lò. Iyọ̀ pọ́táṣíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Bí ó bá kan òróró gbígbóná, ó di ọṣẹ tó ń hó bo ojú òróró, omi inú rẹ̀ sì ń tù ú. Ẹni tó bá ti fi eérú àti àdín ṣe ọṣẹ dúdú rí yóò mọ iṣẹ́ yìí. Ọ̀pá rẹ̀ gùn, kí á lè dúró lókèèrè díẹ̀ kí á sì máa wọ́n ọn jẹ́jẹ́ bí òjò wínníwínní.

Ti iná mànàmáná yàtọ̀. Bí bọ́ọ̀dù tàbí fíríìjì bá ń jó, omi lè gbé iná mànàmáná padà sára ẹni tó ń tú u. Kí a pa súìṣì bí ọwọ́ bá tó o, kí a sì lo apaná oníkábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì, alámì dúdú, láìfi ọwọ́ lásán di ẹnu rẹ̀ mú, nítorí òtútù rẹ̀ ń bó awọ ara.

Nítorí náà a ń bẹ̀ yín kí ẹ ṣí ìsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, kí ìjọba ìbílẹ̀ san owó ìwòsàn ìyá náà, kí ẹ sì gba apaná oníomi náà padà, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí àwọn tó ń fi igi dáná nílò. Kí a fi alámì yẹ́lò kan sáàárín ìsọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, àti alámì dúdú kan sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù iná ọjà.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń sọ pé àwọn kò ní san owó ìsọ̀ oṣù tó ń bọ̀, pé gbogbo wa ni kí á gbé agbada òfìfo wá sí ọgbà yín. Àwa olóyè ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, a sì ń retí èsì yín kí ọjọ́ náà tó pé.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyálọ́jà ẹgbẹ́, Akọ̀wé, àti Akápò,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.