Ìfiṣẹ́léni lọ́wọ́ ní ilé aró Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ará ilé aró. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni iṣẹ́ mi parí; Ìyá Ìbejì ló máa gbà á lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Ajé.

Àdìrẹ oníko 20 ti parí, wọ́n wà lórí pẹpẹ.

Ẹlẹ́kọ mẹ́fà la ti rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Omi tútù ni kí ẹ lò o, torí omi gbígbóná á ṣí ẹ̀kọ láfún ara wọn kúrò.

Ìkòkò aró kejì ló dá wa dúró. Mo ki àkísà funfun bọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ó yẹ kó jáde bí àwọ̀ ewé, kí atẹ́gùn tó sọ ọ́ di aró. Àwọ̀ aró ló gbé jáde tààrà, mo fi omi ṣàn án, ó ṣí. Atẹ́gùn ti bà á jẹ́ (ẹni tó ń rò ó bí ọkà mọ ara rẹ̀). Haidiró ló fẹ́, tiwa sì ti gba ọ̀rinrin, ó ti dì. Kí ẹnikẹ́ni má ki aṣọ oníbàárà bọ̀ ọ́ kí tuntun tó dé.

Akápò, ọjọ́ wo lẹ máa rà á? Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì tí ẹ bá ti kà á.