Nígbà tí àgbà bá ní kí o ṣe onídùúró

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ́pà àti Ẹ̀gbẹ̀, òkun o.

Ọ̀rọ̀ kan ló kó mi sí gbèsè rí: "Màá wò ó." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan fẹ́ yá owó, ó ní kí n wá ṣe onídùúró. Mi ò fẹ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí, mo bá ní, "Màá wò ó." Ọjọ́ kẹta, ó gbé fọ́ọ̀mù dé, ó sì ti sọ fún gbogbo ilé pé mo ti gbà. Mo fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi yọ owó náà nínú owó oṣù mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò sì parọ́ o: létí àgbà, "màá wò ó" túmọ̀ sí "bẹ́ẹ̀ ni".

Lọ́dún tó kọjá, irú ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ àbúrò mi ní Kàbà: bàbá àgbàlagbà kan ní kó wá ṣe onídùúró fún òun. Ojú mi ló ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́ kí Bàbá sọ tẹnu wọn tán, ó wá ní: "Ẹ ṣé, Bàbá, tí ẹ fọkàn tán mi. Mi ò lè ṣe é, sà. Mi ò kì í ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni."

Kò sọ pé owó oṣù òun kéré. Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá á ní owó tí àwọn fẹ́ yá náà kò pọ̀. Ó ní ọkọ òun ò gbà? Bàbá á lọ bá ọkọ. Àwáwí tí àgbà lè wá ojútùú sí, ilẹ̀kùn ni ẹ ṣí sílẹ̀ fún un.

Bàbá fajú ro. "Ṣé ohun tí bàbá rẹ ì bá sọ nìyí?" Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ yín ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò lè ṣe é." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà ló tún sọ, kò fi nǹkan kan kún un. "Ẹ má bínú" náà, ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ léraléra, àgbà á rò pé ó ti ń rọ̀.

Ó fa ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà yọ: "Èyí ni mo ní lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀yáwó o." Ohun tó wà lọ́wọ́ nìkan ni kí ẹ fi lọni. Bí ó bá ṣe iwájú èrò ni, ẹ kọ́kọ́ ní kí Bàbá bọ́ sí yàrá, torí àgbà tí a kọ̀ fún lójú èrò kò ní lè gbà.

"Ó dáa, mo ti gbọ́," ni Bàbá wí, wọ́n sì yíjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà lọ kúnlẹ̀ kí wọn bó ti máa ń ṣe. Wọ́n dáhùn wúyẹ́wúyẹ́. Ní àárọ̀ kẹta, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.