Ẹ̀sùn lórí àyẹ̀wò ìwé tí a kó wá láti ti àkáǹtì bàbá mi olóògbé pa

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń bójú tó àkáǹtì àwọn oníbàárà tó ti di olóògbé.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Mo ń kọ lẹ́tà yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó méjì tí ilé ẹjọ́ yàn lórí ogún bàbá mi, ẹni tó ní àkáǹtì ìfowópamọ́ lọ́dọ̀ yín títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyá mi ni alábòójútó kejì, òun náà sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí. A ò bínú pé ẹ ń yẹ ìwé wa wò, nítorí báńkì tó bá kó owó olóògbé lé ẹni tí kò tọ́ sí lọ́wọ́ lè tún irú owó bẹ́ẹ̀ san lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀sùn wa ni pé òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé náà wò ń da ọ̀rọ̀ tí ilé ẹjọ́ ti parí padà sórí tábìlì, ó sì ń yẹra fún ìbéèrè kan tó jẹ́ pé ọwọ́ báńkì nìkan ni ìdáhùn rẹ̀ wà: kí ló dé tí owó ṣì ń jáde nínú àkáǹtì náà lẹ́yìn tí ẹ ti gbọ́ pé bàbá mi ti kú?

Bàbá mi kò kọ ìwé ìhágún sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi lọ sílé ẹjọ́ láti gba ìwé àṣẹ ìbójútó ogún, èyí tí ẹ̀yin ní báńkì ń pè ní lẹ́tà àdímíníṣíréṣọ̀n. Kí ilé ẹjọ́ tó fún wa ní ìwé náà, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kọ lẹ́tà tó fi iye owó tó wà nínú àkáǹtì lọ́jọ́ tí bàbá mi kú hàn, iye náà sì ni 2,340,000. Iye yẹn gan-an ni a kọ sínú àkọsílẹ̀ ohun ìní tó wà lẹ́yìn ìwé àṣẹ náà, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì. A kó ìwé àṣẹ náà wá fún yín, ẹ̀dà tí ilé ẹjọ́ lu òǹtẹ̀ sí ni, a fi ìwé ẹ̀rí ikú sí i, a sì fi káàdì ìdánimọ̀ àwa méjèèjì tì í. Orúkọ àárín bàbá mi wà nínú àkáǹtì ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé ẹ̀rí ikú. Òṣìṣẹ́ yín ní ká lọ búra pé ẹnì kan náà ni, a sì mú ìwé ìbúra wá. Ìyẹn tọ̀nà, a ò sì jiyàn lé e lórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni fọ́ọ̀mù tí bàbá mi kọ nígbà tó ń ṣí àkáǹtì. Òṣìṣẹ́ yín ṣí fáìlì, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìlà kan nísàlẹ̀ ojú ìwé kejì, níbi tí wọ́n ti ní kí oníbàárà kọ orúkọ ìbátan tó súnmọ́ ọn jù, bí wọ́n ṣe bára wọn tan, àti nọ́ńbà fóònù. Àbúrò bàbá mi ọkùnrin ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ní láìjẹ́ pé àbúrò bàbá mi wá fọwọ́ sí i, báńkì ò ní san kọ́bọ̀. Nígbà tó tún yá, ó ní tí àbúrò bàbá mi bá kúkú ti wá, báńkì lè san owó náà fún un tààrà, kí àbúrò bàbá mi sì pín in nínú ẹbí.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tó wà lórí ìlà yẹn dáadáa. Kò sí gbólóhùn kankan níbẹ̀ tó ní kí a san owó fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ikú oníbàárà. Ẹni tí wọ́n máa pè bí oníbàárà bá dùbúlẹ̀ àìsàn tàbí tí wọn ò bá rí i mọ́ ni fọ́ọ̀mù náà ń béèrè. Bó bá jẹ́ pé bàbá mi ti fọwọ́ sí ìwé mìíràn tó yan ẹni tí owó náà máa kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀, tí òfin sì fara mọ́ irú yíyàn bẹ́ẹ̀, tàbí pé àwọn méjì ló jọ ni àkáǹtì náà, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí owó náà má wọ inú ogún rárá. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì. Mo béèrè, òṣìṣẹ́ yín sì ní kò sí. Àbúrò bàbá mi pàápàá, nígbà tí wọ́n pè é, sọ fún wọn lórí fóònù pé òun kọ́ ni ilé ẹjọ́ yàn, òun ò sì ní fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe tòun. Àgbà tó mọ ohun tó ń ṣe ni.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ̀wé pé kí gbogbo àwọn tó ní ìpín nínú ogún wá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà kí àkáǹtì náà di títì. Ìyá mi, èmi, àbúrò mi obìnrin àti àbíkẹ́yìn wa ni àwọn náà. Tó bá jẹ́ orúkọ wọn àti ìpín tó kan kálukú ni ẹ fẹ́ mọ̀, kí ẹ lè ní in lákọsílẹ̀, a ti fún yín. Ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí wọn kọ́ ló ń fún alábòójútó ní agbára láti gba owó. Ilé ẹjọ́ ló fún wa, ìdí tí wọ́n sì fi ń ṣe ìwé àṣẹ náà ni pé kí báńkì lè mọ ẹni tí yóò san owó fún, ẹni tí ìwé gbígbà-owó rẹ̀ yóò gbà á lọ́wọ́ ẹjọ́. Bí alábòójútó bá jẹ ìpín ẹnìkan run, àwa ni onítọ̀hún yóò pè lẹ́jọ́, kì í ṣe báńkì tó sanwó fún ẹni tí ilé ẹjọ́ yàn láì mọ̀ pé àbòsí kankan wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àbíkẹ́yìn wa ò tíì tó ọjọ́ orí àgbà. Ó wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé tí a kó wá. Ọmọdé ò lè fọwọ́ sí ìwé tó máa dá báńkì sílẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè, bó tilẹ̀ fọwọ́ sí i, bó bá dàgbà tán ó lè ní òun ò mọ ohun tí òun fọwọ́ sí. Nítorí pé ọmọdé wà nínú àwọn tó ń jogún gan-an ni ilé ẹjọ́ kò fi fi ogún náà sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, ó ní kí ẹni méjì jọ bójú tó o. Ìpín ọmọ náà yóò wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì títí yóò fi dàgbà. Ìbọwọ́lùwé tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin pẹ̀lú.

Òṣìṣẹ́ yín tún dá a lábàá pé kí báńkì pín owó náà sọ́nà mẹ́rin, kó sì san ti kálukú sínú àkáǹtì rẹ̀. A ò lè gbà bẹ́ẹ̀. Ogún kì í di pípín kí a tó san owó ìsìnkú, gbèsè tí olóògbé jẹ àti owó orí tó bá kù sí i lọ́rùn. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ajogún ní ìpín nínú rẹ̀, àwa alábòójútó ló sì máa ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ṣí àkáǹtì tuntun tó ń jẹ́ orúkọ ogún olóògbé, tí kò sí ẹni tó lè dá owó mú níbẹ̀ láìsí ìbọwọ́lùwé ẹnìkejì. Ẹ ò gbọ́dọ̀ san owó yìí sínú àkáǹtì tèmi tàbí ti ìyá mi. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ yín ní inú àkáǹtì ogún nìkan ni owó náà gbọ́dọ̀ wọ̀, a ó yìn ín.

Ní báyìí, wọ́n ti dá ìwé wa padà nítorí pé iye tó wà nínú àkọsílẹ̀ ohun ìní kò bá iye tó wà nínú àkáǹtì mu. Òótọ́ ni. 2,331,000 ló wà níbẹ̀ báyìí, ó fi 9,000 dín sí iye tí ẹ kọ fún ilé ẹjọ́. Wọ́n ní ká padà sílé ẹjọ́ lọ ṣe àtúnṣe. Mo gba sítéètìmẹ́ǹtì, mo sì tọ ipa owó náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èlé 36,000 wọlé lẹ́yìn ikú bàbá mi, ó yẹ kí owó náà ti di 2,376,000. Ṣùgbọ́n 15,000 jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, 15,000 jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, 15,000 tún jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 45,000. Owó tí bàbá mi ní kí ẹ máa san fún ilé-iṣẹ́ kan lóṣooṣù ni. Inú oṣù Kejì ni a mú ìwé ẹ̀rí ikú wá fún yín. Òǹtẹ̀ ìgbàwé yín àti ọjọ́ tí ẹ gbà á wà lórí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa.

Àṣẹ tí oníbàárà pa pé kí báńkì máa yọ owó òun kì í wà láàyè lẹ́yìn tí báńkì bá ti gbọ́ pé ó ti kú. Ó yẹ kí ẹ ti dá àkáǹtì náà dúró lọ́jọ́ tí ẹ lu òǹtẹ̀ síwèé, kí káàdì, ìwé sọ̀wédowó àti gbogbo owó tí ń jáde fúnra rẹ̀ di dídúró, kí owó tó bá fẹ́ wọlé sì máa wọlé. Àkọsílẹ̀ tó wà nílé ẹjọ́ kò ní àṣìṣe kankan, nítorí iye owó tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ikú ni ilé ẹjọ́ máa ń béèrè, èlé tó bá sì gorí rẹ̀ lẹ́yìn náà máa ń tẹ̀ lé e wọ inú ogún ni. Bí ẹ bá dá 45,000 yẹn padà, ìyàtọ̀ tó kù yóò jẹ́ 36,000 péré, lẹ́tà kan tí ẹ bá fi ṣàlàyé pé èlé ni yóò sì tó fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè.

Nítorí náà, a ń béèrè pé kí ẹ kọ́kọ́ dá 45,000 náà padà sínú àkáǹtì bàbá mi, kí ẹ sì san 2,376,000, pẹ̀lú èlé tó bá tún gorí rẹ̀ títí di ọjọ́ ìsanwó, sínú àkáǹtì ogún tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí. Kí ẹ fún wa ní sítéètìmẹ́ǹtì ìkẹyìn àti lẹ́tà pé àkáǹtì náà ti di títì, nítorí a ó jíyìn fún ilé ẹjọ́. Bí ìwé kan bá ṣì kù tí òfin béèrè lóòótọ́, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi nílò rẹ̀, dípò kí a máa gbọ́ ọ̀kan lẹ́yìn tí a bá ti mú òmíràn wá. Bí ẹ ò bá dáhùn láàárín ọjọ́ 14, a ó gbé ẹ̀sùn yìí, pẹ̀lú sítéètìmẹ́ǹtì àti ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yín lára, lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso àwọn báńkì.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyàwó olóògbé àti àkọ́bí rẹ̀,
Àwọn alábòójútó ogún olóògbé.

Ohun tó wà nínú àpò ìwé yìí: ẹ̀dà ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun ìní, ìwé ẹ̀rí ikú tó ní òǹtẹ̀ ìgbàwé yín, ìwé ìbúra lórí orúkọ, sítéètìmẹ́ǹtì tí a fàlà sí abẹ́ owó mẹ́ta tó jáde, àti nọ́ńbà àkáǹtì ogún.