“Failed” ni wọ́n kọ, owó sì ti lọ: ibo ló wà?

Sí Olóòtú,

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta nítorí àwọn tó ń pariwo pé wọ́lẹ́ẹ̀tì orí fóònù jẹ owó àwọn. Wọn ò purọ́, owó náà dín lójú wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, ojú ọ̀nà ló há sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ra ata ní ọjà Bódìjà. Ó fi ₦15,000 ránṣẹ́ láti inú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí àkáǹtì ìyá aláta ní báńkì, ní alẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 2025, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orúkọ ìyá jáde, ó tẹ PIN. Ohun tí wọ́lẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yọ owó. Bí kò bá tètè yọ ọ́, ẹni náà lè fi ₦15,000 kan ṣoṣo ránṣẹ́ síbi mẹ́ta kí ojú tó mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló gbé iṣẹ́ náà fún NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báńkì ilẹ̀ wa pọ̀, NIBSS sì lọ kan ilẹ̀kùn báńkì ìyá aláta.

Bí báńkì náà bá fèsì pé òun ò gbà á, bóyá wọ́n ti ti àkáǹtì yẹn pa, kò sí wàhálà: ẹ̀rọ á dá owó padà fúnra rẹ̀, kì í sì í pẹ́. Wàhálà ńlá ni kí báńkì náà dákẹ́. Áàpù ní ìwọ̀n ìgbà tó lè fi dúró de èsì. Tó bá pé, àwọn áàpù kan á kọ Pending, àwọn mìíràn á kọ Failed. Lójú tèmi, Failed yẹn ló ń ba gbogbo nǹkan jẹ́, torí ohun tó yẹ kí wọ́n kọ ni “a ò tíì mọ̀”. Báńkì tó dákẹ́ lè ti san owó fún ìyá aláta kí èsì rẹ̀ tó sọnù. Bí wọ́lẹ́ẹ̀tì bá sáré dá owó padà, tí ti ìyá náà tún wọlé, ₦15,000 ti di ₦30,000 nìyẹn, ta ni yóò san ìyókù?

Ìdí nìyẹn tí wọ́lẹ́ẹ̀tì fi ń padà bi NIBSS léèrè pé, iṣẹ́ yìí, ibo ló bá a dé? Bí èsì bá jẹ́ 00, owó ti wọlé, Failed á sì di Successful. Bó bá jẹ́ 09, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tíì fọwọ́ kàn án. Bó bá dájú pé kò bọ́ sí i, owó á padà. Tí èsì gidi ò bá wá, ó ku kí àwọn òṣìṣẹ́ fi ìwé ìṣirò tiwọn wé ti NIBSS lọ́jọ́ kejì. Alẹ́ Jímọ̀ la sì wà yìí: níbi púpọ̀, ó di Mọ́ńdè kí àwọn tó ń wé ìwé tó jókòó sẹ́nu iṣẹ́.

Wákàtí 72 tí gbogbo èèyàn fi ń halẹ̀, pé kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ kí owó tó padà, wá láti inú àṣẹ tí CBN gbé jáde ní oṣù Kẹfà 2020. ATM, POS àti ìrajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni àṣẹ náà dárúkọ. ATM báńkì tìẹ gbọ́dọ̀ dá owó padà lójú ẹsẹ̀, tàbí láàárín wákàtí 24 bí ẹ̀rọ ò bá lè dá a padà fúnra rẹ̀. ATM báńkì mìíràn ní wákàtí 48. POS àti ìrajà ló ní 72. Kí ẹni tó fi owó ránṣẹ́ láti wọ́lẹ́ẹ̀tì sí báńkì má kàn fi 72 yẹn lọ́kàn kó wá jókòó.

Má tún owó náà fi ránṣẹ́. Sọ fún ìyá aláta pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì yín,” nítorí owó lè ti wọlé kí àlẹ́ẹ̀tì tó dé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ṣí rìsíìtì, kí o da Session ID kọ. Nọ́ńbà 30 ló tò pọ̀ nínú rẹ̀. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń sọ ilé iṣẹ́ tó rán owó, méjìlá tó tẹ̀ lé e sì ni ọjọ́ àti àkókò. Ti alẹ́ ọjọ́ náà á rí báyìí: 250314191522, ìyẹn 2025, oṣù Kẹta, ọjọ́ 14, aago 19:15, ìṣẹ́jú-àáyá 22. Bí ọjọ́ yẹn ò bá bá tìẹ mu, rìsíìtì mìíràn lo mú. Fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ, kí ìyá aláta náà mú un lọ sí báńkì tirẹ̀. Wọ́n á fi wá owó náà láì béèrè PIN lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́lẹ́ẹ̀tì bá yọ ṣáàjì, ka owó tó padà dáadáa. Ní oṣù Kẹta 2025 yẹn, ₦25 àti owó orí VAT rẹ̀ jẹ́ ₦26.88, nítorí náà ₦15,026.88 ló yẹ kó padà, kì í ṣe ₦15,000 géérégé. Gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí o bá fi ẹjọ́ sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú ẹ̀, kọ sí cpd@cbn.gov.ng, kí o fi nọ́ńbà ẹ̀sùn náà àti Session ID sínú rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn