Kọ́lá, Má Tíì Fọwọ́ sí Ìwé Agbaṣẹ́ṣe Yẹn

Kọ́lá ọmọ mi,

Òkun o. Mo ti ka ìwé àdéhùn tí o fi ránṣẹ́, mo sì tún ní kí àbúrò rẹ kà á sí mi létí. Má tíì fọwọ́ sí i. N kò pe agbaṣẹ́ṣe náà ní oníjìbìtì o, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ owó nínú ìwé yẹn ń kọ mí lóminú.

Ó ní mílíọ̀nù 24 náírà ni ilé náà. Ó fẹ́ gba ìdajì lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé, kí o san ìdá 30 nínú 100 nígbà tí iṣẹ́ bá dé lẹ́ńtù, kí o san ìyókù tí wọ́n bá ti kan òrùlé. Ṣírò rẹ̀ wò. Ní lẹ́ńtù, mílíọ̀nù 19.2 náírà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Kí ni yóò wà nílẹ̀? Ìpìlẹ̀, búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré orí fèrèsé. Òrùlé ò sí, ilẹ̀kùn ò sí, wọn ò tíì rẹ́ ògiri, iná àti omi ò tíì wọlé. Èmi tí mo ta búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ní Kàbbà títí tí gbogbo yín fi jáde ilé ìwé, mo mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn kò lè ju ìdajì owó ilé lọ. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti mú mílíọ̀nù 7 tí kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹni tí o bá sì gbà lẹ́yìn rẹ̀ yóò tún béèrè owó tuntun.

Ní kí ó tún un kọ. Fún un ní ìdá 10 nínú 100 láti fi bẹ̀rẹ̀, ìdá 20 tí ìpìlẹ̀ àti ilẹ̀ kọnkéré bá parí, ìdá 15 ní lẹ́ńtù, ìdá 20 fún òrùlé, ìdá 15 tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri tán tí wáyà àti páìpù sì ti wọlé, kí ìdá 20 tó kù dúró de ìparí. Báyìí, mílíọ̀nù 10.8 ni yóò ti jáde ní lẹ́ńtù. Má sì gbà kí ó kọ ọ́ pé “nígbà tí iṣẹ́ bá dé lẹ́ńtù.” Agbaṣẹ́ṣe lè ní òun ti dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù ìkẹyìn. Kí ìwé sọ ohun tí ojú ń rí: wọ́n ti da kọnkéré lẹ́ńtù, ó ti dì, wọ́n ti tú pákó, ẹni tí ìwọ yàn sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn àyẹ̀wò náà, san owó rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7. Òun náà ń san owó àwọn bíríkìlà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí owó ìdádúró kankan nínú ìwé náà. Lára owó kọ̀ọ̀kan tí o bá san, mú ìdá 5 nínú 100 pa mọ́. Nígbà tí ilé bá parí, yóò jẹ́ mílíọ̀nù 1.2. San ìdajì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá kó kọ́kọ́rọ́ fún ọ, kí ẹgbẹ̀rún 600 tó kù wà lọ́wọ́ rẹ títí àsìkò tí ó gbọ́dọ̀ fi ṣàtúnṣe ohun tó bá bàjẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi pé. Oṣù 6 ni ọ̀pọ̀ ń kọ. Ìwọ ní November ni ilé máa parí. Oṣù 6 lẹ́yìn rẹ̀, May la wà. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, òjò May kò tíì dán òrùlé wò. July sí September ni. Nítorí náà, oṣù 12 ni kí o kọ.

O rántí yàrá ìyá mi àgbà. Gbogbo owó ni mo ti san tán kí òjò August tó wọlé láti ibi tí òrùlé méjì ti pàdé. Sílìn wú, ó já lulẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì lórí. Mo pe agbaṣẹ́ṣe mi títí, kò gbé e. Mo ra páànù, mo san owó káfíńtà mìíràn, nítorí pé n kò ní kọ́bọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

Kí ìwé tún sọ pé bí nǹkan bá bàjẹ́ nítorí iṣẹ́ rẹ̀, tí o kọ̀wé sí i, tí kò sì wá láàárín ọjọ́ 14, o lè gba ẹlòmíràn kí o sì yọ owó rẹ̀ nínú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Láìsí gbólóhùn yẹn, ẹ̀yin méjèèjì á kàn máa bára yín jiyàn. Ohun tí ìwọ tàbí ayálégbé bá fọwọ́ ara yín bà jẹ́ kò sí níbẹ̀, má fi yẹn gbá a mú.

Ó tún kọ “páànù tó dára.” Kọ ọ́ pé alumíníọ̀mù tó nípọn tó mílímítà 0.55, nítorí 0.45 náà dára lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Iṣẹ́ àfikún èyíkéyìí, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é.

Fi èyí tí ó bá tún kọ ránṣẹ́ sí mi kí o tó fún un ní ìdá 10 yẹn. Bàbá rẹ ti ní òun á máa lọ sí ibi iṣẹ́ láràárọ̀.

Èmi ni,
Ìyé rẹ