Ìyá Tó Béèrè Ìkòkò Lójú Àlá

Ẹ̀yin ará mi nínú Islam, Asalaamu aleikun.

A kírun Àsùbá tán lọ́jọ́ Àtìní tó kọjá ni ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí. Ó yọ̀ǹda kí n sọ ọ́, kí n má sáà ti dárúkọ. Ìyá tó bí i lọ́mọ ti kú láti ọdún 14. Amọ̀kòkò ni wọ́n ní Òkèlele. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló rí wọn lójú oorun, wọ́n dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, wọn ò wọlé, wọ́n ní, "Ìkòkò mi dà?"

Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, mọ̀lẹ́bí ti jókòó lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní àgbò ni ìyá ń fẹ́, kí wọ́n mú owó rẹ̀ nínú owó ilé tí ayálégbé ń san. Àáfà kan tí wọ́n lọ bá dárúkọ iye tó máa gbà ṣe àdúà. Ìyàwó ilé kan tó jẹ́ ọmọ Ìgbómìnà sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn: wọ́n á gbé omi tútù àti obì àbàtà olójú mẹ́rin lọ sí ojú oórì, wọ́n á pe òkú náà lórúkọ, wọ́n á da obì. Bí awẹ́ méjì bá ṣí ojú sókè tí méjì dojú délẹ̀, òkú ti gbà nìyẹn. Bí kò bá yàn, wọ́n á tún bi í léèrè ohun tó kù. Mi ò bú obìnrin náà. Ohun tó bá nílé wọn ló sọ, ṣùgbọ́n àwa kì í bi òkú léèrè nǹkan.

Anọbi wa sọ pé ọ̀nà mẹ́ta ni àlá pín sí: èyí tó jẹ́ ìròyìn ayọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, èyí tí èṣù fi ń ba èèyàn nínú jẹ́, àti èyí tó jẹ́ ohun tí ọkàn èèyàn ń bá ara rẹ̀ sọ. Ẹni tó bá lá èyí tí kò dáa, kó tutọ́ díẹ̀ sápá òsì lẹ́ẹ̀mẹta, kó fi Ọlọ́hun ṣọ́ra, kó yí ẹ̀gbẹ́ padà, kó má sì rò ó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi mí pé, ṣé òkú kì í wá béèrè nǹkan ni? Mo rò fún un ìtàn Thábítì ọmọ Káísì, sàhábà tó kú sójú ogun Yamáámà ní nǹkan bí ọdún 633. Ó wá bá ọkùnrin kan lójú oorun, ó ní ẹnì kan ti bọ́ ẹ̀wù irin òun lọ, àgọ́ rẹ̀ ló gbẹ̀yìn ibùdó, ẹṣin kan wà níbẹ̀ tó ń fò nínú okùn rẹ̀, ó dojú ìkòkò dé ẹ̀wù náà, ó sì gbé gàárì lé ìkòkò. Kó sọ fún Kháálídì, olórí ogun wọn. Bó bá sì dé Mẹdínà, kó sọ fún Abúbákà pé òun jẹ gbèsè báyìí báyìí. Kháálídì ránṣẹ́, wọ́n bá ẹ̀wù náà níbi tó ní ó wà. Abúbákà sì ṣe ohun tí Thábítì ní kí wọ́n ṣe.

Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí èèyàn lè dìde lọ yẹ̀ wò ni Thábítì sọ. Kò béèrè oúnjẹ, ẹ̀tọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló ní kí wọ́n bá òun san. Ìdí tí mo fi ní kí obìnrin yìí lọ bá àwọn àgbà amọ̀kòkò nìyẹn, kó béèrè bóyá ẹnì kan wà tó san owó ìkòkò sílẹ̀ fún ìyá tí kò rí ìkòkò gbà. Nítorí gbèsè ṣáájú sàráà, ó tilẹ̀ ṣáájú ogún pípín.

Ó padà dé lọ́jọ́ Àlàmísì. Kò sí gbèsè kankan. Mo wá bi í pé kí ló ń ṣe lọ́sẹ̀ tí àlá náà bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní àwọn ń wó yàrá ẹ̀yìn ni, àwọn lébìrà sì kó gbogbo ìkòkò ìyá tó kù síbẹ̀ fọ́ mọ́ àwókù, òun dúró, òun ń wò wọ́n. Ó bú sẹ́kún níbẹ̀.

Kò bi mí ní ìbéèrè àlá mọ́. Ó ní ṣé òun ṣì lè ṣe sàráà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ìyá Sáádì ọmọ Ubáádà kú tí Sáádì ò sí nílé, ó bi Anọbi bóyá sàráà á ṣe ìyá òun láǹfààní, Anọbi ní á ṣe é, Sáádì sì fi ọgbà rẹ̀ ṣe sàráà fún un. Ṣùgbọ́n ọgbà Sáádì fúnra rẹ̀ ni o! Ilé tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ mú owó rẹ̀ ra àgbò, ogún ni, ọmọ òrukàn méjì tí àbúrò wọn tó ti kú fi sílẹ̀ sì ní ìpín níbẹ̀. Ọmọdé ò lè yọ̀ǹda owó rẹ̀, àgbà ò sì lè bá a yọ̀ǹda rẹ̀.

Obìnrin náà fi owó ara rẹ̀ dín mọ́sà, ó pín in fún àwọn ọmọ kéwú lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò wá. Kò tíì dá mi lóhùn láti ọjọ́ náà.