Àyẹ̀wò oṣù kẹta nìkan kò tó

Olóòtú,

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Àwọn aláboyún a máa sọ fún mi pé, “Màmá, wọ́n ti yẹ̀ mí wò ní oṣù kẹta, n kò ní kòkòrò éèdì.” Òótọ́ ni, àmọ́ èsì oṣù kẹta kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà. Lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ni kòkòrò náà ti ń pọ̀ jù, ibẹ̀ ló sì ti ń tètè ran ọmọ. Ìdí nìyí tí a fi ń tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò nígbà tí oyún bá ti dàgbà.

Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa ní oṣù kẹjọ. Èsì àkọ́kọ́ rẹ̀ mọ́; èkejì gbé kòkòrò jáde. Ó sunkún, ta ni kò ní sunkún? Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ oògùn, hóró kan lójúmọ́. Bí ó ti bímọ ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ oògùn olómi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà a gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọmọ: kò kó o. Ó ń fún un lọ́mú, kò sì fo oògùn rẹ̀. A óò tún ọmọ náà yẹ̀ wò tó bá já lẹ́nu ọmú.

Agbẹ̀bí kan,
Ìbàdàn